Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lédè Faransé níbi àríyá ìfẹ̀yìntì mi: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ìyá Bọ́lá

Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni mo ń fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ agbowó tí mo ti ń ṣe ní Kútọnu láti ọdún 26 sẹ́yìn. Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọn á fún mi lẹ́bùn, lẹ́yìn náà èmi náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibiṣẹ́ lédè Faransé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Faransé inú ọjà ni mo gbọ́, n kò kọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tí mo kọ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló kù díẹ̀ káàtó? N kò fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú àwọn èèyàn tí mo fẹ́ràn.

> Monsieur le Directeur, chers collègues. Je suis très excitée ce soir. J'ai été remerciée par le Directeur et je suis contente. Je me retire après vingt-six ans. Je vous remercie tous de m'aider. Vous êtes mes héros. Que Dieu vous bénit. Adieu.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Màmá, ẹ kú oríire o. Mo ṣe ọdún méjì ní Kútọnu nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ẹ kọ yìí yé mi dáadáa. Bí ẹ ṣe máa pè é ni kí ẹ mójú tó.

Ẹ máa pe gbogbo èèyàn ní "vous", torí "vous" ni "ẹ" tiwa, kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ rí òun fín. Bí ọ̀rọ̀ bá parí pẹ̀lú s, tí fáwẹ̀lì tàbí h sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ so wọ́n pọ̀ kí s náà dún bíi z. Bẹ́ẹ̀ ni "chers amis", bẹ́ẹ̀ náà ni "mes héros". Tí ẹ bá sì fẹ́ fi "merci beaucoup" kún un, ẹ sú ẹnu yín jọ dáadáa níbi tó parí sí, kí ó má dún bíi "u" tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó gbọ́ Faransé.

Àlàbí Awakọ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n ti parí ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín? Ìwé tó jẹ́rìí sí gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ibi tí èmi ti fẹ̀yìntì, àríyá ti parí kí n tó mọ̀ pé ọdún mẹ́rin kò sí nínú àkọsílẹ̀ mi. Mo lọ, mo bọ̀, títí bàtà fi jẹ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ gba ìwé yín sọ́wọ́ kí ẹ tó jó o.

Ìyá Bọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Ìwé ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù tó kọjá, mo sì ti ka ọdún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ló kù tí kò jẹ́ kí n sùn.

Olùkọ́ Kétu

Ẹ kú àárọ̀, àǹtí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní Àjàṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ kí èmi náà tó fẹ̀yìntì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kúrò kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

"J'ai été remerciée par le Directeur." Ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé ọ̀gá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tí gbogbo ilé máa gbọ́ ni pé ọ̀gá ti lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dá èèyàn dúró, tí wọn kò sì fẹ́ fi ẹnu gígún sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn "dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀". Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti gba ìtumọ̀ yẹn, débi pé "il a été remercié" kò tún dún bí ìdúpẹ́ létí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ẹ wá wo bó ṣe máa rí lẹ́nu ẹni tó ń kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan á wo ọ̀gá, ọ̀gá á wo ilẹ̀. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Les paroles de Monsieur le Directeur m'ont touchée." Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọ̀ mí lára, ó tán.

Ẹ̀yin lẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o, "je vous remercie" kò ní wàhálà kankan. Bí ẹ bá ti sọ pé àwọn ni wọ́n "remercier" yín ni ewu wọ̀ ọ́.

Èkejì ni "je vous remercie tous de m'aider". Ẹ rántí bébà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì: "Merci de fermer la porte." Ṣé ìdúpẹ́ ni? Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn tí "merci de" bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò sí àmì ohun tó ti kọjá lára rẹ̀. Èyí tí ẹ kọ dún bí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́ nísinsìnyí. Ẹ fi "avoir" sí i, kí ó di ohun tí wọ́n ti ṣe: "Je vous remercie de m'avoir aidée." Lára "avoir" yìí ni gbogbo ìdúpẹ́ yín máa so rọ̀ sí, torí ọdún 26 tó ti kọjá lẹ ń dúpẹ́ lé lórí. Ó kàn jẹ́ pé tó bá jẹ́ "être" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń lò, "être" náà ni ẹ máa fi sí i, bíi "merci d'être venus", ẹ ṣé tí ẹ wá.

Ẹ yọ "excitée" kúrò pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà lè túmọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì tún lè túmọ̀ sí ohun tí ìyá kì í sọ níwájú ọmọ. "Émue" ni ẹ ń wá, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lọ́kàn. "Je me retire" náà dà bí ìgbà tí èèyàn dìde níbi ìpàdé tó ní òun ń lọ. "Je pars à la retraite" ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, o ṣeun, ojú rere lo fi dá sí i. Ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́ta tí o sọ lè dójú ti màmá. "Mes héros" kò gbọdọ̀ so pọ̀ láé. Bí o bá fi z sí i, ó di "mes zéros", òdo mi. Ìyá á nawọ́ sí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, á ní òdo ni wọ́n. "Chers amis" ní tirẹ̀ gba ìsopọ̀, kò burú. "Beaucoup" wá ńkọ́? "U" inú "ikú" àti "ẹ kú" tiwa gan-an ló wà níparí rẹ̀. Ẹni tó bá sú ẹnu jọ síbẹ̀ ti yí i padà sí ọ̀rọ̀ nípa ìdí èèyàn pé ó rẹwà. Bí Yorùbá ṣe ń pè é láti ilé ló tọ̀nà, àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe fún yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má bínú. Olùkọ́, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ h tó ń gba ìsopọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í gbà á? Bákan náà ni wọ́n rí lójú ìwé. Mo ń sọ "les hommes" pẹ̀lú z, kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́kun rí.

Olùkọ́ Kétu

"Les hommes" tọ̀nà. Fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnì kan ṣoṣo, kí o wò bóyá "le" gé kúrú. À ń sọ "l'homme", nítorí náà z wà níbẹ̀ tó bá pọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ "l'héros", "le héros" ni, torí náà kò sí z. O kò mọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ? Ìwé atúmọ̀ èdè ló kù. Ohun tí mo máa gba àǹtí níyànjú ni pé kí wọ́n yọ "héros" kúrò pátápátá. Ọkàn lè fò lórí ìdúró, ahọ́n á sì so ohun tí kò yẹ kó so.

Ará Líọ̀ǹ

Ẹ kú oríire, mọ̀mí. Ọdún kọkànlá mi rèé nílẹ̀ Faransé, mo sì ti jókòó níbi irú àríyá báyìí tó pọ̀. "Adieu" ni mo fẹ́ kí ẹ yọ. Níhìn-ín, ẹni tí a kò retí láti tún fojú kàn láyé mọ́ la ń sọ ọ́ fún, nígbà míì ẹ̀gbẹ́ pósí ló ti ń jáde lẹ́nu èèyàn. "Ó dìgbóṣe" lẹ fẹ́ sọ. "Au revoir" tó, "à bientôt" sì dára jù tó bá jẹ́ pé ẹ ó máa yà kí wọn.

Mo tún rò pé kí ẹ yọ Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbi iṣẹ́. Ẹ̀sìn ti ilé oníkálukú ni. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń parí ni pípe àwọn èèyàn síbi mímu: "Je vous invite à partager le verre de l'amitié." Kò di dandan kó jẹ́ ọtí, omi èso náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Kétu

Ọ̀rọ̀ "adieu" àti ti ife náà, mo fara mọ́ ọ. Ti àdúrà ni n kò gbà. Líọ̀ǹ kọ́ ni àǹtí ti ń sọ̀rọ̀. Ní Kútọnu, àgbà tó bá fẹ̀yìntì tí kò súre fáwọn tó fi sílẹ̀ dà bí ẹni tó jáde láì dágbére. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ tún un ṣe. "Que Dieu vous bénit" kò tọ̀nà, torí lẹ́yìn "que" tí a fi ń gbàdúrà, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń yí padà: "Que Dieu vous bénisse." Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "Que Dieu vous le rende", kí Ọlọ́run san án padà fún yín, torí ìdúpẹ́ wà nínú rẹ̀. D inú "rende" gbọ́dọ̀ dún ketekete, nítorí òun ló ń fi hàn pé àdúrà ni.

Ará Líọ̀ǹ

Mo gbọ́ yín, sà. Síbẹ̀, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè wà láàárín wọn, ìdúpẹ́ tiẹ̀ náà sì ni. Èmi ò ní fi sí i.

Adérónkẹ́ Lomẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rọ̀ "vous" fún gbogbo èèyàn yẹn, torí ó kàn mí. Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìntì ní Lomẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, "tu", ìyẹn "ìwọ", la máa ń pe ara wa fún ọdún 19, àní a jọ sin òkú ìyá ara wa. Lọ́jọ́ àríyá mi, ẹ̀rù bà mí, mo rọ̀ mọ́ bébà, mo kọjú sí i mo ní "je vous remercie". Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó rò pé mo ti ń fi òun sẹ́yìn. Ọ̀wọ̀ tí "vous" ní dà bíi ti "ẹ" lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá déédéé fi pe ẹni tí ẹ ti ń pè ní "tu", ẹ ti tì í sọ́ọ̀ọ́kán nìyẹn. Tí ẹ bá ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, "vous" ni, kò sí ẹjọ́. Tí ẹ bá yíjú sí ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹ ti ń pè é lójoojúmọ́ ni kí ẹ pè é.

Ohun kejì ni orúkọ. Mo dárúkọ èèyàn méjìlá, mo sì gbàgbé obìnrin tó ń gbálẹ̀ yàrá mi. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbé abọ́ kiri. Títí di òní, mo ṣì ń ronú kàn án.

Olùkọ́ Kétu

Ó kú ìrántí, ọmọ mi. Nítorí irú ìyẹn gan-an ni àwọn èèyàn wa níhìn-ín ṣe máa ń kí àwọn aṣáájú díẹ̀, tí wọ́n á wá ní "tout protocole observé", pé a ti ka gbogbo ẹni tó yẹ ká kà sí.

Adérónkẹ́ Lomẹ́

Ìyẹn kì í tu ẹni tí wọ́n kò dárúkọ nínú, bàbá. Níbi ìpàdé ńlá, ó dáa. Nínú yàrá tí èèyàn ogójì wà, tí gbogbo wọn sì mọ ara wọn, ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó máa ṣubú láàárín.

Ìyá Bọ́lá

Mo ti kà á tán, mo sì tún un kọ lórí tábìlì ilé ìdáná ní òru. Mo gbé orúkọ jùnù, mo fi iṣẹ́ wọn pè wọ́n bí Adérónkẹ́ ṣe wí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọjú sí: ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí òjò bá ń rọ̀ lálẹ́, ó máa ń dúró dè mí pẹ̀lú agboòrùn títí máa fi ka owó tán. "Tu" la máa ń pe ara wa. Òun nìyí:

> Monsieur le Directeur, chers collègues, chers amis,
>
> Je suis très émue ce soir. Les paroles de Monsieur le Directeur m'ont touchée. Je pars à la retraite après vingt-six ans passés parmi vous.
>
> Monsieur le Directeur, je vous remercie de m'avoir fait confiance.
>
> Mes sœurs de la caisse, merci de m'avoir appris le français sans jamais vous moquer de moi. Mes frères du magasin et mes sœurs de l'entretien, merci d'avoir toujours répondu quand j'appelais.
>
> Et toi, mon frère du portail, merci de m'avoir attendue avec ton parapluie.
>
> Si j'ai blessé quelqu'un, je lui demande pardon.
>
> Que Dieu vous le rende. Je vous invite à partager le verre de l'amitié. Je vous remercie.

Mo kà á sókè, aago mú mi ní ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ṣé kí n gùn ún dé mẹ́ta?

Olùkọ́ Kétu

Ẹ má fi ohunkóhun kún un. Ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀rín wọn àti àtẹ́wọ́ á kún ìyókù, ẹ ó rí i. Ohùn kan ló kù. Létí Yorùbá, "an" inú "ìtàn" àti "ọn" inú "ìbọn" kò yàtọ̀ síra, ohùn kan náà ni a kọ lọ́nà méjì. Faransé ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi sọ pé ọ̀gá fọkàn tán yín, "confiance", ní méjèèjì nínú. Ẹ ká ètè yín roboto bí ẹni tó fẹ́ pe "o" níbi "con", kí ẹ wá la ẹnu gbàù níbi "fiance". Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ máa wo ètè. Bí ètè kò bá yí láti àkọ́kọ́ sí èkejì, kò tíì bọ́ sí i. "Ans" inú "vingt-six ans" náà, ìlanu ni, "six" á sì fi z gbé e dání. T inú "vingt" ń dún níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dún tó bá dá dúró.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Màmá, mo ti ń ka tiyín sókè níhìn-ín láti àárọ̀. Gbólóhùn agboòrùn yẹn, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Kí ẹ wá a lójú kí ẹ tó ní "toi".

Ìyá Bọ́lá

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà ni. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n fún mi ní aago ògiri àti aṣọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé bébà ń dún. "Confiance" bọ́ sí i, mo rí i lójú ọ̀gá. Níbi ti ẹ̀ṣọ́, mo wá a, n kò rí i. Ẹnu ọ̀nà ló wà, iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é wọlé. Mo dákẹ́. Mo ní kí wọ́n dúró, mo sọ̀kalẹ̀ lọ mú un lọ́wọ́ wá. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, mo wá sọ ọ́ fún un láì wo bébà. Ó ní, "Maman, c'est rien", ó sì fi fìlà bojú.

Mo gbàgbé láti pè wọ́n síbi ife. Wọ́n mu ún náà.

Adérónkẹ́ Lomẹ́

Ẹ kú orí ire, màmá. Èmi náà á wá obìnrin yẹn lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ará Líọ̀ǹ

Mọ̀mí, ṣé ẹ fi àdúrà yẹn sí i?

Ìyá Bọ́lá

Mo fi sí i, ọmọ mi. Ohùn tó dáhùn "amina" pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí kò dáhùn, ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti rò ó láti ìgbà tí mo délé, n kò sì tíì mọ̀ bóyá ìwọ lo jàre tàbí Olùkọ́.